Àpilẹ̀kọ Ìpamọ́ Kì Í Ṣe Ìròyìn Gbígbó

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwa tí à ń ṣe ìwé ìròyìn kéékèèké ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, títí dé Kìṣí níbi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èrò náà ni pé àpilẹ̀kọ tó bá ti parí, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló yẹ kó jáde. Wọ́n ní ìròyìn dà bí àkàrà, gbígbóná ló ń dùn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá wá dé tí kò sí nǹkan lọ́wọ́, wọn kò ní tẹ ìwé rárá, wọn á sì sọ fún ẹni tó bá béèrè pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń yangàn, bíi pé ọ̀sẹ̀ òfìfo ni ẹ̀rí pé àwọn kì í hùmọ̀ ìròyìn. Olóòtú tó bá ń kó àpilẹ̀kọ jọ sínú fáìlì de ọjọ́ iwájú, lójú tiwọn, ọ̀lẹ ni, ó fẹ́ máa ta ọjà àná fún àwọn èèyàn òní.

Mo ta ko èrò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò ní àpilẹ̀kọ tí olóòtú ti yẹ̀ wò, tí ó ti fọwọ́ sí, tí ó sì ń dúró de ọjọ́ rẹ̀, kò tíì ṣe tán láti máa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí ó sì máa ń ṣe é kò ní mọ sórí pé ó pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ pé “kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.” Kìṣí ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀, ní ìhà àríwá pátápátá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú ilẹ̀ ọ̀dàn tí òjò ti máa ń dá tí ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí gbogbo wa mọ̀. Láti Bélú dé Ẹrẹ́nà, ilẹ̀ gbẹ. Iṣẹ́ oko dín kù, ìgbéyàwó àti ìpàdé ẹgbẹ́ ń lọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ń wá sílé ọdún. Àsìkò yìí ni àwọn tó ń bá wa kọ àpilẹ̀kọ máa ń ráyè jókòó. Tí òjò àkọ́kọ́ bá wá rọ̀ dáadáa ní oṣù Igbe, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Tíṣà tó ń kọ ìtàn àdúgbò fún wa ní oko iṣu, ó ń kọ ebè. Ìyá tó ń sọ̀rọ̀ ìlera àwọn aboyún ní àgbàdo àti ẹ̀gúsí láti gbìn. Ìjì á wó òpó iná, fóònù á kú, ẹni tó bá tiẹ̀ ti kọ nǹkan kò ní lè fi ránṣẹ́.

Ní àsìkò òjò yìí kan náà, ìlú ò sinmi. Màlúù ń jẹ oko olóko, ọ̀nà ń bàjẹ́, owó ajílẹ̀ ń gòkè, èèyàn ń bímọ, èèyàn ń kú. Ìṣẹ̀lẹ̀ pọ̀ ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Àwọn tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni wọn kò sí nílé. Ẹni tó bá ń pe èyí ní ọ̀sẹ̀ tí nǹkan kò ṣẹlẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ ìlú, kò sì ní wá oògùn tó yẹ sí i. Ohun tó ń bọ̀ lọ́dọọdún, tí èèyàn mọ oṣù tí yóò dé, kì í ṣe ohun tó yẹ kó bá a lójijì.

Nítorí náà a lè ṣírò rẹ̀. Ká mú ìwé olójú méjì kan tó ń gba àpilẹ̀kọ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn, olóòtú fúnra rẹ̀ ló máa jáde lọ wá a, ojú òpó rẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí ìpamọ́ ń dé. Ó ku méjì. Ká ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpilẹ̀kọ mẹ́rin tó dára ń wọlé lọ́sẹ̀ fún ojú òpó méjì yìí. Ká ní láti àárín oṣù Igbe, fún ọ̀sẹ̀ 8, ẹyọ kan péré ló ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ọ̀sẹ̀ 8 nílò àpilẹ̀kọ 16, ẹyọ 4 ló máa wọlé, 12 ni yóò ṣẹ́ kù tí a ní láti rí níbòmíràn. Àmọ́ gbogbo ohun tí a bá fi pamọ́ kọ́ ló máa ń ṣeé tẹ̀ nígbà tí a bá padà dé ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Bí a bá gbà pé ọ̀kan nínú mẹ́rin yóò bàjẹ́, 16 ni a ní láti fi pamọ́ kí 12 tó kù. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ń fún wa ní méjì lé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 8 ni yóò gbà wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ Ṣẹ́ẹ́rẹ́ dé òpin Èrèlé, a ó sì tún ní gbogbo Ẹrẹ́nà fún títún wọn yẹ̀ wò. Iye yìí á yàtọ̀ ní ìlú míràn, ẹni tó ní ìwé tirẹ̀ ni kó ka iye tó wọlé fún un ní èṣí, oṣù sí oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ń tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde ní Ṣẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé “ó gbóná” ni wọ́n ń sọ ní Ẹ̀bìbí pé ìlú dákẹ́.

Mo ti gbọ́ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀: kí ló burú nínú kí ìwé má jáde fún ọ̀sẹ̀ kan? Kò sí ẹni tí yóò kú.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni ohun tó ń wọlé nígbà tí àyè bá ṣófo. Olóòtú tí fáìlì rẹ̀ gbẹ, tí ìtẹ̀wé sì kù sí ọ̀la, kò lágbára láti sọ pé rárá. Mo rí i kedere nígbà ìpolongo ìbò kan. Alẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ tẹ̀wé ni ọ̀dọ́kùnrin kan dé, ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá wa ní kí n kó èyí wá fún yín. A ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, wàhálà kankan ò sí nínú rẹ̀, kí ẹ sáà kàn lò ó.” Ojú ìwé méjì ni, ìyìn olóṣèlú kan láti òkè dé ìsàlẹ̀: kànga tó gbẹ́, ọ̀nà tó là, owó ilé ìwé tó san. Kò sí orúkọ àdúgbò tí kànga wà, kò sí orúkọ ọmọ kankan tó jẹ àǹfààní owó ilé ìwé. Mo ní, “Àbúrò, ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí ọ̀gá yín. Ojú òpó ti kún lọ́sẹ̀ yìí.” Òótọ́ ni mo sọ. Ó ti kún, nítorí pé àpilẹ̀kọ méjì tí mo ti fọwọ́ sí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà níbẹ̀. Bí kò bá sí wọn, mo mọ irú ìjà tí ǹ bá bá ara mi jà lóru ọjọ́ yẹn, n kò sì fẹ́ kí òǹkàwé kankan máa gbára lé i pé èmi ni yóò borí.

Ìdí tí mo fi ń jà fún ìpamọ́ nìyí ju gbogbo ìdí yòókù lọ. Àhesọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wádìí, ìyìn tí wọ́n sanwó fún, ẹ̀bẹ̀ ọ̀rẹ́ pé kí a gbé ọ̀rọ̀ òun síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí ebi ìwé ń pa wá ni gbogbo wọn máa ń rí àyè. Àwọn tó ń sọ pé ìpamọ́ ń sọ olóòtú di ọ̀lẹ kò tíì wo ohun tí àìní ìpamọ́ ń sọ ọ́ dà.

Àlàfo pàápàá ní ohun tirẹ̀ tó ń bí. Ní oṣù Ẹ̀bìbí 1837, Charles Dickens ń kọ ìtàn méjì pọ̀ nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ìtàn Pickwick àti ìtàn Oliver Twist, ó sì ń kọ ọ́ ní ìpín sí ìpín bí oṣù bá ti ń tẹ oṣù, láìsí ìpín kan tó ṣẹ́ kù sílé. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àbúrò ìyàwó rẹ̀, Mary Hogarth, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kú lójijì ní ọmọ ọdún 17. Ọwọ́ Dickens rọ, kò lè kọ. Ìtàn méjèèjì pa ìpín kan jẹ. Nígbà tí Pickwick padà jáde, ó ní láti kọ àlàyé sí i fún àwọn òǹkàwé, nítorí pé àwọn èèyàn ti ń sọ kiri pé ó ti kú, pé orí rẹ̀ ti dàrú, pé wọ́n ti tì í mọ́lé nítorí gbèsè, pé ó ti bá ọkọ̀ ojú omi sá lọ sí Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó lè dá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àhesọ ṣe yára tó láti wọ ibi tí ìwé fi sílẹ̀. Ní Kìṣí, bí ìwé wa bá pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, wọn kò ní sọ pé olóòtú wà lóko. Wọn á ní wọ́n ti rà á ni.

Ẹ wá fi Anthony Trollope tì í. Ọkùnrin náà fẹ́ràn kí ó parí ìtàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní 1882, ìtàn rẹ̀ nípa ìdílé Scarborough ń jáde nínú ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí Dickens fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1859. Trollope kú ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1882. Ìtàn náà ń jáde lọ títí di 1883, kò sí ìpín kan tó já, nítorí pé òǹkọ̀wé ti parí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú.

Ẹni tó mọ ìtàn ìwé Yorùbá yóò dá mi dúró níbí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Yóò bi mí pé, Sẹ̀gilọlá ńkọ́? Láti oṣù Agẹmọ 1929 títí wọ inú 1930 ni Isaac Babalọlá Thomas ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin arẹwà kan tó ti ń ṣàìsàn ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n ń kọ lẹ́tà wá, lẹ́tà tiwọn náà sì ń jáde nínú ìwé kan náà. Adùn rẹ̀ wà nínú pé ó ń gbóná. Bí Thomas bá ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ láti ọdún tó ṣáájú, ibo ni yóò ti rí ìjíròrò tó ń lọ láàárín obìnrin náà àti ìlú Èkó?

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ tó jẹ́ pé ìdáhùn òǹkàwé ló ń gbé e ró kò yẹ fún ìpamọ́, mo sì ti yọ ojú òpó kan sílẹ̀ nínú mẹ́ta fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn àti agbára Thomas ló gbé iṣẹ́ yẹn, olóòtú tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, tó ń gbé láàárín Èkó tí ìròyìn kì í tán. A kò lè fi ohun tí ọkùnrin kan ṣe nínú ìtàn kan ṣe òfin fún ìwé ìlú kékeré tó jẹ́ pé àgbẹ̀ àti tíṣà ló ń bá a kọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí mo bá àwọn alátakò mi dé ni pé ìpamọ́ tí a kò ṣe dáadáa burú gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìpamọ́ kì í ṣe ìpamọ́ rárá. Ìwé ni wọ́n kàn dì jọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà tán, tí wọ́n ní àwọn máa tún un ṣe lọ́jọ́ tí àwọn bá nílò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ ni ọjọ́ tí olóòtú náà wà lóko, tí iná kò sí, tí ẹni tó kọ ọ́ kò gbé fóònù. Iṣẹ́ ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ parí nígbà tí àyè wà. Bí a bá fa ìwé náà yọ tó ṣì ku kí a wádìí orúkọ ẹnì kan nínú rẹ̀, a kò lè kà á mọ́ ìpamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan. Ká ní tíṣà kan kọ àpilẹ̀kọ ní Èrèlé nípa bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe òrí ní abúlé kan nítòsí Kìṣí. Ó dára gan-an: bí wọ́n ṣe ń ṣa èso tó bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń sá kóró rẹ̀ sóòrùn, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ pò ó pẹ̀lú omi títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Gbogbo èyí kò ní yí padà láàárín oṣù mẹ́ta. Mo wá ń fi bírò pupa wá ohun tó lè yí padà. “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé abúlé náà” wà ní ìlà kìíní. Mo sọ ọ́ di “nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí.” Ó kọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò òrí kan. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé owó yẹn kò ní dúró. Ó dárúkọ ìyá kan, ó sì ní àwòrán rẹ̀. Mo bi tíṣà náà bóyá ìyá náà mọ̀ pé a fẹ́ tẹ àwòrán òun, mo sì gba nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀. Ó ní “báálẹ̀ wa” sọ gbólóhùn kan. Mo kọ orúkọ báálẹ̀ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé oyè lè ṣófo kó tó di ọjọ́ tí a óò tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo yẹ àmì ohùn wò, mo fọwọ́ sí i, mo sì lẹ ewé kékeré kan mọ́ iwájú rẹ̀:

Ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí i: òpin Èrèlé.
Ó lè jáde láti: Ẹ̀bìbí, tí èso bá ti ń bọ́.
Kò gbọdọ̀ kọjá: òpin Agẹmọ.
Ohun tí a óò tún béèrè: owó kóńgò, bóyá ìyá náà àti báálẹ̀ ṣì wà.
Ẹni tí a óò pè: ọmọ ìyá náà.

Ewé yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ní Ẹ̀bìbí, ẹnikẹ́ni nínú wa lè fa àpilẹ̀kọ yìí yọ, kó pe èèyàn kan, kó tún iye owó kọ, kó sì gbé e fún atẹ̀wé láìjí mi lójú oorun. Bí ìpè náà kò bá wọlé, yóò yọ gbólóhùn owó náà kúrò, kò ní fi iye Èrèlé sílẹ̀. Àwọn òǹkàwé yóò sì rí ọ̀rọ̀ òrí kà ní àsìkò tí èso wà nílẹ̀. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ ní Èrèlé nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ wa, àkókò tí kò bá a mu ni ì bá jáde. Níbí, ìpamọ́ ló jẹ́ kó bọ́ sí àsìkò, àwọn tó ń pariwo “gbígbóná” ni ì bá sọ ọ́ di aláìbágbà-mu.

Ẹ̀dùn ọkàn tó tọ́ ni ti àwọn òǹkọ̀wé tó ń dúró. Tíṣà kan bi mí léèrè nígbà kan pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti sọ tèmi nù ni? Mo ti kọ ọ́ fún yín tipẹ́.” Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Ẹni tí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ oṣù tí yóò jáde, ọjọ́ ìfọwọ́sí ló sì yẹ kí a ti sọ fún un, kí a má dúró dìgbà tó bá bínú. Nínú fáìlì, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù ni à ń kọ́kọ́ yọ. Bí méjì bá ní ọjọ́ kan náà, èyí tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ ni yóò ṣáájú. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó wà lókè ni ọwọ́ máa ń mú, ti ìsàlẹ̀ yóò sì máa gbó síbẹ̀ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi jáwọ́ nínú kíkọ fún wa.

Ẹ tún máa ka iye tó wà nínú fáìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ẹ ti fọwọ́ sí nìkan. Bí iye náà bá ń lọ sílẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, àsìkò tó yẹ kó máa pọ̀ sí i, olóòtú ń jẹ ìpamọ́ dípò kó jáde lọ wá ìròyìn ni. Ẹ̀sùn ọ̀lẹ tọ́ sí i nígbà yẹn, èmi náà yóò fi kàn án. Bí ó bá kọjá 16 tó sì ń pọ̀ sí i, ẹ tẹ ojú ewé kan kún ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn, tàbí kí ẹ túbọ̀ máa ṣa èyí tí ẹ ń gbà. Ibi tí agbára ìpamọ́ sì mọ nìyí: ó lè gbé wa la ọ̀sẹ̀ 8 já, kò lè gbé wa la ọdún kan já. Bí òjò bá dá tí àwọn òǹkọ̀wé kò padà, ìwé náà ti ń pàdánù àwọn èèyàn rẹ̀, fáìlì tó kún kò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́ fún wa.

Ẹ̀yin olóòtú ẹgbẹ́ mi ní Òkè-Ògùn, ẹ ṣí fáìlì yín kí ẹ tó tẹ ìwé ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ ka iye àpilẹ̀kọ tó wà níbẹ̀ tí ẹ lè gbé fún atẹ̀wé lálẹ́ òní láìbi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Bí kò bá tó ohun tí yóò gbé yín la oṣù kan, ẹ yọ ọ̀kan nínú èyí tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lẹ ewé mọ́ ọn, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i, ẹ sì pe ẹni tó kọ ọ́ kí ẹ sọ oṣù tí yóò jáde fún un.